Kí Ló Dé Tí Ọdún Iṣu Tuntun Kì Í Ní Ọjọ́ Kan Pàtó?

Ẹ ṣí kálẹ́ńdà orí fóònù yín wò. Ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ni Kérésìmesì, bẹ́ẹ̀ náà ló sì máa rí ní ọdún 2050. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ni ọjọ́ òmìnira. Iléyá náà wà níbẹ̀, kódà bí wọ́n bá kọ ọ́ sí i pé ó lè fi ọjọ́ kan yẹ̀. Ó yá, ẹ wá ọdún iṣu tuntun ìlú yín níbẹ̀. Àfàìmọ̀ kí ẹ má rí i.

Ọmọ Emùré-Ilé ni mí, ìlú tí kò jìnnà sí Ọ̀wọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Lọ́dọọdún, bí oṣù Kẹjọ bá ti ń parí lọ, ìbéèrè kan náà ló máa ń kún orí Wásáàpù àwa tí a wà lẹ́yìn odi: “Ọjọ́ wo ló bọ́ sí lọ́dún yìí?” Ẹnì kan fẹ́ gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ẹlòmíì fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan á wá bínú pé kí ló ń ṣe àwọn àgbà wa gan-an, tí wọn ò lè mú ọjọ́ kan kí wọ́n sì dúró lé e.

Wọ́n lè mú un. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò ni ohun tó wà nínú ilẹ̀ tí kò jẹ́ kí ọjọ́ kan ṣoṣo bá gbogbo ọdún mu. Òjò ló di iṣu mú ní ìpẹ̀kun méjèèjì, àárín ìpẹ̀kun méjì yìí ni ọdún iṣu ti ń rìn síwá sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká fi Ìgògò bẹ̀rẹ̀, torí òun ló gbajúmọ̀ jù ní ẹkùn wa. Oṣù Kẹsàn-án ni Ìgògò Ọ̀wọ̀ sábà máa ń bọ́ sí, ọjọ́ 17 ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Àwọn ìjòyè Ìlórò ló ń fi ètò tí wọ́n ń pè ní Úpẹ̀lì ṣí i. Ní gbogbo àkókò náà, a kì í lu ìlù nínú ìlú, agogo ló ń dún. A kì í dé fìlà, a kì í sì í yìnbọn. Ọlọ́wọ̀ á dirun, á wọ aṣọ àti iyùn bí obìnrin, ní ìrántí Olorì Ọ̀rọnṣẹn, ìyàwó Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ́n. Ìtàn Ọ̀rọnṣẹn yìí ni gbogbo èèyàn mọ̀, òun sì ni àwọn oníkámẹ́rà ń bá wá. Ṣùgbọ́n ọdún yìí kan náà ló ń kéde pé iṣu tuntun ti di jíjẹ. Ẹ̀gbẹ́ iṣu yẹn ni mo fẹ́ dúró sí.

Ohun tó ń lọ nínú ebè

Ní agbègbè Ọ̀wọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni òjò ń pọ̀ lọ́dún. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta tàbí oṣù Kẹrin, á máa rọ̀ títí di oṣù Keje. Á wá sinmi díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ. Á tún padà dé ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá, kó tó dáwọ́ dúró nínú oṣù Kọkànlá.

Èbù tí àgbẹ̀ gbìn sínú ebè á hù nígbà tí ilẹ̀ bá ti tutù dáadáa. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, ìtàkùn tuntun yẹn kò tíì lè bọ́ ara rẹ̀. Oúnjẹ tó wà nínú èbù ló ń jẹ, ìdí nìyẹn tí èbù fi máa ń rọ tó sì máa ń jẹrà nínú ilẹ̀. Nígbà tí ewé bá ti pọ̀ lórí igi tí ìtàkùn gùn, ewé á bẹ̀rẹ̀ sí fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ, á sì máa fi èyí tó ṣẹ́ kù ránṣẹ́ sísàlẹ̀. Bíi oṣù méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn tí ó hù ni iṣu tuntun tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Láti oṣù kẹrin ló ń sanra ní tòótọ́: ṣúgà tó wá láti ara ewé ń di sítáàṣì, omi inú iṣu ń dín kù díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀yin náà ti jẹ iṣu tí kò gbó rí, ẹ ò kàn mọ̀ pé òun ni. Ẹ sè é, omi ló kún inú rẹ̀. Ẹ gún un, kò fà, ó kàn ń dà bí ẹ̀kọ tí wọ́n po mọ́ kókó. Sítáàṣì tó máa so iyán pọ̀ ni kò tíì pé. Awọ rẹ̀ náà kò tíì le, nítorí náà bí ọkọ́ bá kàn án díẹ̀, ibẹ̀ ni ìdíbàjẹ́ á ti wọlé, kò sì ní pẹ́ jẹrà. Irú iṣu bẹ́ẹ̀ kò ṣeé kó pamọ́.

Báwo ni àgbẹ̀ ṣe ń mọ èyí tó gbó láìwa gbogbo oko? Mo bi ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan tó ń dáko lẹ́yìn Emùré-Ilé. Mo ti rò pé ọjọ́ ló máa dá fún mi.

“Bàbá, ọjọ́ wo lẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí wa iṣu?”

“Ọjọ́ kẹ̀? Ṣé ọjọ́ ni mo gbìn ni? Bọ́ sí ibí.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè kan tó ti sán lórí, torí pé iṣu inú rẹ̀ ti fẹ̀ débi tó fi ń ti ilẹ̀ sókè. Wọ́n fi ọwọ́ gbá erùpẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n rọra wa sísàlẹ̀ títí wọ́n fi dé ìdí iṣu, ìyẹn ṣóńṣó ìsàlẹ̀ tó ń dàgbà lọ. Wọ́n ní kí n fọwọ́ kàn án. Funfun ni, ó rọ̀ bí ojú èso tí kò pọ́n. “Ó ṣì ń rìn,” ni wọ́n wí, wọ́n sì da erùpẹ̀ bò ó padà. Ebè kejì tí wọ́n gbẹ́, ìdí iṣu inú rẹ̀ ti dúdú, ó ti le, ó ti pa ojú dé. “Èyí ti dúró.” Wọ́n wá fi hàn mí pé ewé ìsàlẹ̀ ìtàkùn tirẹ̀ ti ń pọ́n. Wọ́n tún ní bí ẹnì kan bá bẹ́ iṣu tí kò gbó, omi ara rẹ̀ á máa yọ̀, ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà á sì tètè dúdú.

Ebè méjì nínú oko kan náà, ọ̀kan ti dúró, èkejì ṣì ń rìn. Bí ebè méjì ò bá lè fẹnu kò sí ọjọ́ kan, báwo ni gbogbo ìlú ṣe máa ṣe é?

Ìpẹ̀kun kejì tí a kì í sábà rí

Bó bá jẹ́ gbígbó nìkan ni ọ̀rọ̀ wà, ohun tó rọrùn jù ni kí gbogbo èèyàn kàn dúró di oṣù Kejìlá tí ìtàkùn á gbẹ pátápátá. Kò ní sí àríyànjiyàn kankan. Kí ló dé tí wọn kì í dúró?

Ìdí kan ni pé ebi ti ń pa ènìyàn. Láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Keje ni iṣu ọdún tó kọjá máa ń tán nínú àká, èyí tó bá ṣẹ́ kù á sì ti hù. Àmọ́ ìdí kejì ló wù mí jù, torí pé àgbẹ̀ nìkan ló sábà ń mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń wa irú iṣu funfun kan. Ní ìgbà àkọ́kọ́, nígbà tí ewé ṣì tutù lórí, àgbẹ̀ á ṣí ebè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á gé iṣu kúrò ní abẹ́ orí rẹ̀, á fi orí náà àti gbòǹgbò sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, á sì da erùpẹ̀ padà. Kò gbọ́dọ̀ fa ìtàkùn, kò gbọ́dọ̀ já gbòǹgbò. Iṣu ńlá tó mú jáde yẹn ni ti jíjẹ, òun ni à ń pè ní iṣu tuntun. Ìtàkùn tó ṣẹ́ kù kò ní kú. Ewé rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, oúnjẹ tó ń sè kò ríbi lọ mọ́, torí náà á tún ta iṣu mìíràn, kéékèèké, púpọ̀, lára orí tí wọ́n fi sílẹ̀. Nígbà tí ìtàkùn bá gbẹ ní òpin ọdún, wọ́n á wa àwọn kéékèèké yẹn. Èbù ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn.

Ibí ni ìpẹ̀kun kejì ti yọjú. Ìtàkùn nílò òjò kó tó lè ta èbù. Bí ẹ bá gé iṣu ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án, òjò apá kejì ọdún wà níwájú, bíi oṣù méjì sí i, ilẹ̀ á sì ṣì tutù fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Bí ẹ bá dúró di ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá kí iṣu lè gbó dáadáa, òjò kò ní ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ kó tó dá. Iṣu jíjẹ á dùn, èbù á kéré bí ìka. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹ ó máa lọ ra èbù lọ́jà, ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀ èyíkéyìí pé èló ni èbù. Owó èbù wà lára ohun tó ń ná àgbẹ̀ jù nínú oko iṣu.

Bí wọ́n bá sì tètè gé e jù, sítáàṣì kò tíì pé. Bí wọ́n bá pẹ́ jù, èbù kò ní rí òjò mu. Fèrèsé tó wà láàárín méjèèjì kò fẹ̀, ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré ni. Èèwọ̀ pé kí a má jẹ iṣu tuntun títí ọdún á fi wọlé, lójú tèmi, ìlẹ̀kùn tí wọ́n tì pa sí ìpẹ̀kun àkọ́kọ́ ni, kí ebi oṣù Keje má baà mú ènìyàn lọ gbẹ́ iṣu tó ṣì ń rìn. Bí èèwọ̀ bá sì ká, gbogbo ìlú á bọ́ sóko lásìkò kan náà, nígbà tí òjò ṣì kù.

Ẹ wá wo bí fèrèsé yẹn ṣe ń sún. Ká sọ pé lọ́dún kan, òjò fìdí múlẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta, iṣu hù ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin. Tó bá fi máa di ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án, iṣu ti lo oṣù márùn-ún àti díẹ̀ lókè ilẹ̀. Ó ti tó gé. Lọ́dún mìíràn, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní oṣù Kejì, inú gbogbo èèyàn dùn, ó sì tún dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kò fìdí múlẹ̀ títí di ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin. Iṣu hù ní àárín oṣù Karùn-ún. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án kan náà, kò tíì pé oṣù mẹ́rin. Ẹ gbẹ́ ebè, ìdí iṣu ṣì funfun. Ọjọ́ orí kálẹ́ńdà kan náà, iṣu méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìdí nìyẹn tí àgbà àgbẹ̀ kì í fi í ka ọjọ́ láti ìgbà àkọ́rọ̀. Ìgbà tí òjò bá fìdí múlẹ̀ ló ti ń kà.

Oṣù ojú ọ̀run àti ọjọ́ ọjà

Ẹlòmíì á ní, “Ó dáa, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wo oṣù ojú ọ̀run nígbà náà. Ṣebí ohun tí àwọn baba wa ń kà nìyẹn.” Òótọ́ ni, àmọ́ oṣù nìkan kò lè gbé e. Oṣù 12 ojú ọ̀run jẹ́ ọjọ́ 354, ọdún oòrùn jẹ́ ọjọ́ 365. Ọjọ́ 11 ló ń sọnù lọ́dọọdún.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ní ọdún 2024, oṣù tuntun kan bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án. Ẹ ka oṣù 12, ẹ ó bọ́ sí ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ ọdún 2025. Ẹ tún ka 12, ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 2026. Ẹ tún ka 12, ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 2027. Láàárín ọdún mẹ́ta péré, ọdún tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án ti sún padà sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ. Bó bá ń lọ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kan á dé tí a ó máa ṣe ọdún iṣu tuntun nínú ọyẹ́. Iléyá ń rìn bẹ́ẹ̀ lóòótọ́: ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà ló jẹ́ ní 2024, ó di ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ní 2025. Kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀, torí pé àgbò kì í gbó nínú ebè.

Ohun tó ń gba oṣù là ni pé kí nǹkan kan láti inú oko máa dá a dúró. Bí oṣù tó yẹ kí ó jẹ́ ti ọdún bá lé, tí irúgbìn kò sì tíì ṣe tán, ẹ fo oṣù náà, ẹ dúró de èyí tó tẹ̀ lé e. Àwọn Júù ayé àtijọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Oṣù tuntun ni wọ́n ń wò láti mọ ìgbà Àjọ Ìrékọjá, ṣùgbọ́n bí ọkà báálì kò bá tíì gbó nínú oko, àwọn àgbà ìlú á fi oṣù kan kún ọdún náà kí báálì lè bá a. Kì í ṣe àwa nìkan ni irúgbìn ń bá ka ọjọ́ o.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ọjà tún wà níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn baba wa ń pè é ní ọrún torí pé wọ́n ń ka ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin irú rẹ̀, tí a bá kà á bẹ́ẹ̀, jẹ́ ọjọ́ 17, ìyẹn ìtàdógún tí àwọn ẹlẹ́sùsú ṣì ń lò. Ẹ rántí pé ọjọ́ 17 ni Ìgògò. Èmi ò rò pé ó kàn ṣèèṣì.

Ó yá, ẹ pín 365 sí mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹ ó rí 91, ọ̀kan á ṣẹ́ kù. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ wa bá bọ́ sí ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án lọ́dún yìí, lọ́dún tó ń bọ̀ ọjọ́ 9 ló máa bọ́ sí. Ọdún tó bá fẹ́ dúró lórí ọjọ́ ọ̀sẹ̀ rẹ̀ kò lè dúró lórí ọjọ́ kálẹ́ńdà òyìnbó pẹ̀lú. Ìlú tó bá yan ọ̀kan ti jọ̀wọ́ èkejì. Nítorí náà, òjò ló ń ṣí fèrèsé, iṣu ló ń sọ pé òun ti ṣe tán, oṣù àti ọjọ́ ọ̀sẹ̀ ló kù tí wọ́n á fi mú ọjọ́ gan-an nínú fèrèsé náà.

Kò wá yẹ kí ẹ rò pé gbogbo ìlú ló ní fèrèsé kan náà. Ní Ilé-Ifẹ̀, Ẹgbodò máa ń bọ́ sí bíi oṣù Kẹfà sí oṣù Keje, èyí tó ṣáájú Ìgògò dáadáa. Ó ṣeé ṣe nítorí pé iṣu tí wọ́n gbìn sí àkùrọ̀ kí ọyẹ́ tó dé, níbi tí ilẹ̀ kì í ti í gbẹ tán, kò nílò àtidúró de òjò oṣù Kẹta kó tó hù, ó sì máa ń gbó ṣáájú ti òkè. Iṣu ètùtù kò sì nílò kó pọ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ tó. Iṣu tí gbogbo ìlú máa jẹ ló ń gba oko púpọ̀. Ewùrà ní tirẹ̀ tilẹ̀ máa ń pẹ́ ju gbogbo wọn lọ. Ẹni tó bá ń dúró dè é kò ní rí iṣu tuntun jẹ títí di òpin ọdún.

Bí ìlú bá mú ọjọ́ kan ńkọ́?

Àwọn kan ti mú un. Ní Safalú, ìlú àwọn Máhì ní Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ni ọdún iṣu, lọ́dọọdún, láìyẹ̀. Ọjọ́ ìsinmi ni ọjọ́ náà ní gbogbo orílẹ̀-èdè wọn, nítorí ọdún ìgòkè-re-ọ̀run Màríà tí àwọn Kátólíìkì ń ṣe. Àwọn ọmọ Safalú tó wà ní Kùtọnu àti ní ìlú òyìnbó ti mọ ìgbà tí wọ́n máa ra tíkẹ́ẹ̀tì láti oṣù kìíní. Mi ò ní purọ́, èyí wù mí. Ọdún tí ọmọ ìlú kò bá lè wá sílé fún, ta ló máa bá wa ṣe é?

Àmọ́ ohun kan wà tí ọjọ́ pàtó kò lè ṣe, kò lè mú òjò tètè dé. Ní ọdún tí òjò bá pẹ́, iṣu tó máa wà lórí tábìlì lọ́jọ́ ọdún á jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta: èyí tí kò gbó, èyí tó wá láti àkùrọ̀, tàbí èyí tí ọkọ̀ ńlá kó wá láti ìlú mìíràn. Lójú tèmi, ìkẹta ló ń wọ́pọ̀ jù báyìí nílẹ̀ wa. Iṣu Bẹ́núé ti wà lọ́jà kí ti Emùré tó yọjú, ẹni tó ń gbé ìlú ńlá kò sì mọ ìyàtọ̀. Kò sí ohun tó ṣe é, iṣu ni iṣu ń jẹ́. Ọ̀rọ̀ èbù ló kù: àgbẹ̀ tó bá gé iṣu tirẹ̀ kó tó tó àsìkò, kó lè rí owó ọdún gbà, ni yóò ra èbù lọ́dún tó ń bọ̀.

Bí ẹ bá ní ẹnì kan nílé tó ń gbin iṣu, ẹ ní kó bá yín kọ ọjọ́ méjì sílẹ̀ lọ́dún yìí: ọjọ́ tí ebè rẹ̀ àkọ́kọ́ hù, àti ọjọ́ tó gbẹ́ ebè náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó bá ìdí iṣu ní dúdú. Ẹ ṣe é fún ọdún mẹ́ta. Ẹ fi ọjọ́ tí ìlú yín kéde ọdún sí ẹ̀gbẹ́ wọn, kí ẹ wá wo èwo nínú ọjọ́ náà ló ń tẹ̀ lé èkejì. Èmi ti bẹ̀rẹ̀ tèmi sínú ìwé kékeré kan, ebè mẹ́fà ni mo yàn, ẹ̀gbọ́n bàbá mi sì ti so àkísà pupa mọ́ igi wọn kí ẹnikẹ́ni má baà gbẹ́ wọn.